Èéyi àbí ara sísú mìíràn? Bí a ṣe lè dá wọn mọ̀, àti ìgbà tó yẹ ká sáré gbé ọmọ lọ sí ọsibítù

Bí ara ọmọ bá gbóná tí nǹkan sì sú sí i lára, ohun tó sú náà ni ojú òbí máa ń kọ́kọ́ lọ sí: ṣé ó pọ́n, ṣé ó pọ̀, ṣé ó ń yún ọmọ. Ó dára ká wò ó, ṣùgbọ́n òun nìkan lè ṣì wá lọ́nà. Lára ọmọ tí awọ rẹ̀ dúdú, èéyi kì í sábà pọ́n bó ṣe ń pọ́n nínú àwòrán tí wọ́n yà lára ọmọ òyìnbó. Ó lè kàn ṣú ju awọ tó yí i ká lọ, kó sì rí págunpàgun bí a bá fi ọwọ́ pa á. Ìdí nìyẹn tí àwa tí à ń tọ́jú ọmọ fi máa ń béèrè bí àìsàn náà ṣe bẹ̀rẹ̀ àti bó ṣe ń bá a bọ̀, ká tó gbójú lé awọ. Ìbéèrè mẹ́ta ni. Kí ló kọ́kọ́ dé, ara gbígbóná ni àbí ara sísú? Ibo lára ọmọ ló ti kọ́kọ́ yọ? Nígbà tó sì yọ, ṣé ara gbígbóná náà lọ sílẹ̀ ni, àbí ńṣe ló tún le sí i?

Bí èéyi ṣe máa ń rìn

Èéyi, tí àwọn kan ń pè ní ìta, kì í fi ara sísú bẹ̀rẹ̀. Bí ọmọ bá kó o lónìí, ó máa tó nǹkan bí ọjọ́ 10 kí ara rẹ̀ tó gbóná, á sì tó bí ọjọ́ 14 kí nǹkan tó sú sí i lára. Ní ọjọ́ 2 sí 4 àkọ́kọ́ tí ara gbóná, gbogbo ohun tí ẹ máa rí á jọ kátà lásán: imú ń ṣomi, ọmọ ń wúkọ́, ojú rẹ̀ pọ́n, kò sì fẹ́ wo ìmọ́lẹ̀. Bí ẹ bá la ẹnu rẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, tí ẹ wo inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ní ọ̀kánkán àwọn eyín ẹ̀yìn, ẹ lè rí àwọn àmì funfun kéékèèké bíi hóró iyọ̀ lórí ẹran tó pọ́n. Bí ẹ bá rí i, èéyi ni. Bí ẹ kò bá rí i, kò ní kí ó má jẹ́ èéyi, nítorí àmì náà kì í pẹ́ lọ.

Lẹ́yìn náà ni ara á wá sú. Ẹ̀yìn etí àti ibi tí irun orí ti bẹ̀rẹ̀ ló ti máa ń yọ, á bọ́ sí ojú, á gba ọrùn sọ̀kalẹ̀ sí àyà àti ẹ̀yìn, á dé apá, á sì dé ẹsẹ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ kẹta. Láti òkè wá sí ìsàlẹ̀ ló ń rìn. Ohun tó tún ya èéyi sọ́tọ̀ ni pé ara gbígbóná kì í lọ sílẹ̀ nígbà tó bá yọ. Ọjọ́ tí ara sú yẹn gan-an ni ọmọ sábà máa ń ṣàìsàn jù, ara rẹ̀ á máa jó bí iná, kò ní fẹ́ jẹun, á kàn rọ̀ sí ọwọ́ ìyá rẹ̀. Tó bá tó bí ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin tí ara ti sú ni ara gbígbóná á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Awọ á wá ṣú, á máa bó wẹ́wẹ́. Bí ara ọmọ bá tún gbóná padà lẹ́yìn tó ti lọ sílẹ̀, nǹkan mìíràn ti wọ ọ̀rọ̀ náà, ó lè jẹ́ òtútù àyà, ó sì lè jẹ́ etí.

Ó ń ràn gidigidi. Láti ọjọ́ 4 ṣáájú kí ara tó sú ló ti ń ran ẹlòmíràn, títí di ọjọ́ 4 lẹ́yìn tó sú. Nínú ọmọ 10 tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tí kò sì tíì ṣe é rí, tí wọ́n bá wà nínú ilé kan náà pẹ̀lú ẹni tó ń ṣe é, ó lè mú tó 9. Kòkòrò náà lè wà nínú afẹ́fẹ́ yàrá fún wákàtí 2 lẹ́yìn tí ọmọ náà ti jáde. Nítorí náà, bí ẹ bá ń gbé ọmọ tí ẹ fura sí lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ sọ fún wọn láti ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n má fi yín jókòó sáàárín àwọn ìyá tó gbé ọmọ jòjòló wá.

Èyí tí ara sísú dé nígbà tí ara gbígbóná ti lọ

Àìsàn kan wà tó ń mú àwọn ọmọ oṣù 6 sí ọdún 2, àwọn dókítà ń pè é ní rosióla. Òun ló yẹ ká gbé sí ẹ̀gbẹ́ èéyi ṣáájú ohun gbogbo, torí pé òdìkejì rẹ̀ ni. Ara ọmọ á gbóná gan-an fún ọjọ́ 3 sí 5, gìrì tiẹ̀ lè mú un nígbà mìíràn, síbẹ̀ ẹ kò ní fi bẹ́ẹ̀ rí ojú pípọ́n àti ikọ́ líle tí èéyi máa ń mú wá. Lójijì, ara á tutù. Ọjọ́ náà tàbí ọjọ́ kejì rẹ̀ ni nǹkan á wá sú sí àyà àti ẹ̀yìn rẹ̀, àwọn àmì kéékèèké tí kì í yún. Ọmọ náà á ti máa ṣeré, á ti máa béèrè oúnjẹ. Ìyá tó bá rí ara sísú náà lè fò sókè nígbà tí àìsàn ti ń kúrò nílẹ̀.

Nítorí náà, bí ara bá sú tí ara gbígbóná sì lọ, tí ọmọ ń ṣeré, èéyi kọ́ ló jọ. Bí ara bá sú tí ara gbígbóná tún le sí i, tí ojú pọ́n, tí imú ń ṣomi, tí ikọ́ wà, ẹ kà á sí èéyi títí wọn á fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Èyí tó ní omi nínú

Ṣíkìn-pọ́ọ̀sì kò ṣòro láti yà sọ́tọ̀. Èéyi kì í ní omi nínú. Ti ṣíkìn-pọ́ọ̀sì máa ń bẹ̀rẹ̀ bí àmì pẹlẹbẹ, á di ìléròrò olómi, á bẹ́, á sì di èépá. Ó máa ń yọ ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, nítorí náà lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ní ibì kan náà lára ọmọ, ẹ máa rí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, èyí tó ní omi, àti èyí tó ti gbẹ. Àyà, ẹ̀yìn àti ojú ló máa ń pọ̀ sí jù, ó máa ń wà nínú irun orí, ó sì ń yún ọmọ dé góńgó. Ara gbígbóná rẹ̀ kì í sábà le tó ti èéyi. Ọmọ náà kò gbọdọ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ títí gbogbo rẹ̀ á fi di èépá. Ẹ gé èékánná rẹ̀ kúrú, ẹ má sì fún un ní asipirín tàbí ibupurofín. Bí ìléròrò náà bá tóbi, tó le, tó wà ní àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀, tí kókó sì wú lọ́rùn tàbí ní abẹ́ apá, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò, torí pé ó lè jẹ́ ẹ́mú-pọ́ọ̀sì, tí wọ́n ń pè ní mọ́ńkì-pọ́ọ̀sì tẹ́lẹ̀, tó wà ní Nàìjíríà.

Ooru, rùbẹ́là, àti òògùn tó kọ ara

Ara tó sú nítorí ooru ni a máa ń ṣì pè ní èéyi jù ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn. Ohun tó ń sú nítorí ooru máa ń wà ní ibi tí òógùn ti ń dúró: ọrùn, abẹ́ apá, ẹ̀yìn, ibi tí aṣọ ti fún ọmọ. Wóróróró ló máa ń rí, ó máa ń ta ọmọ, ó sì máa ń rọlẹ̀ bí wọ́n bá wẹ̀ fún un tí wọ́n sì bọ́ aṣọ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kì í mú ara gbóná. Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé ni kí ibà ẹ̀fọn mú ọmọ tí ooru ti sú sí lára tẹ́lẹ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ló máa yanjú rẹ̀: ṣé ara sísú náà ti wà lọ́rùn rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá kí ara tó gbóná?

Rùbẹ́là fara jọ èéyi jù, torí pé láti ojú lòun náà ti ń sọ̀kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ara gbígbóná rẹ̀ kéré, ó máa ń lọ láàárín nǹkan bí ọjọ́ 3, kókó máa ń wú lẹ́yìn etí àti lẹ́yìn ọrùn, ọmọ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ rẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ewu rẹ̀ wà fún gan-an ni aboyún tó wà nínú ilé, nítorí ó lè ba ojú, etí àti ọkàn ọmọ inú rẹ̀ jẹ́. Ojú lásán kò lè fi gbogbo ìgbà ya rùbẹ́là àti èéyi sọ́tọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá gbà lára ọmọ ló lè sọ ọ́.

Ní ti òògùn, ẹ béèrè ohun tí ọmọ mu ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Bí òògùn bá kọ ara ọmọ, ara lè sú káàkiri, ó sì máa ń yún. Bí ètè àti inú ẹnu bá wá ń bó, tí ojú ń dà, tí awọ ń wú bí ibi tí omi gbígbóná jó tó sì ń ṣí, ẹ dá òògùn náà dúró kí ẹ sì sáré lọ sí ọsibítù ńlá lójú ẹsẹ̀. Bíbó ti èéyi kò rí bẹ́ẹ̀: ó máa ń gbẹ bí ìpẹ́ wẹ́wẹ́, ìgbà tí ara bá sì ti ń yá ló ń ṣẹlẹ̀.

Èyí tí kì í parẹ́ bí a bá tẹ̀ ẹ́

Èyí ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí pé wákàtí ló ń kà, kì í ka ọjọ́. Kòkòrò tó ń fa yírùnyírùn lè wọ inú ẹ̀jẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ sì máa jò sábẹ́ awọ. Ohun tó yọ á dà bí ojú abẹ́rẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, á wá máa gbòòrò bí ojú ẹ̀jẹ̀. Ẹ mú kọ́ọ̀pù gíláàsì tí a lè rí òdìkejì rẹ̀, kí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tẹ ibi tó sú náà dáadáa. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ti èéyi máa ń ṣá bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Ti ẹ̀jẹ̀ kì í kúrò. Lára awọ dúdú ó lè ṣòro láti rí, nítorí náà àtẹ́lẹwọ́, àtẹ́lẹsẹ̀, inú ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ àti àjà ẹnu ni kí ẹ ti wò ó. Bí ó bá wà níbẹ̀ tí kò parẹ́, tí ara ọmọ sì gbóná, ẹ má dúró de ọrùn gígan, ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́. Ara sísú náà tilẹ̀ lè má tíì hàn: bí ọmọ bá ń kérora, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù nígbà tí àyà rẹ̀ ń jó, tí kò mọ ẹni tó wà níwájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọsibítù ni.

Ọmọ oṣù 11 kan

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan wò ó, irú èyí tí a máa ń rí. Ọjọ́ Ajé ni ara ọmọ oṣù 11 kan gbóná, ó ń wúkọ́, imú rẹ̀ ń ṣomi. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìyá rẹ̀ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì. Wọ́n gún un ní ìka fún àyẹ̀wò ibà ẹ̀fọn, ó sì fi hàn pé ibà wà. Wọ́n fún un ní òògùn ibà àti òògùn olómi mìíràn fún ikọ́. Lọ́jọ́bọ̀, nǹkan yọ lẹ́yìn etí rẹ̀. Ìyá rẹ̀ rò pé òògùn ló kọ ọ́ lára, ìyá àgbà ní ooru ni. Ọjọ́ Ẹtì ó ti bo ojú, Ọjọ́ Àbámẹ́ta ó ti dé ikùn, ara ọmọ sì ń jó ju ti Ọjọ́ Ajé lọ.

Ara gbígbóná ló ṣáájú, pẹ̀lú ọjọ́ 3 láàárín. Láti ẹ̀yìn etí ló ti yọ, ó ń sọ̀kalẹ̀. Ara gbígbóná kò lọ nígbà tó yọ. Ojú rẹ̀ pọ́n. Káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò ní ti oṣù 9, torí pé ó ń wúkọ́ díẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n dá, wọ́n sì fi í sílẹ̀ nílé. (Ikọ́ kékeré àti kátà kò ní kí ọmọ má gba abẹ́rẹ́.) Èéyi ni kí ẹ fura sí. Àyẹ̀wò ibà ẹ̀fọn tó sọ pé ibà wà kò lé èéyi lọ, nítorí àwọn méjèèjì lè wà lára ọmọ kan náà, pàápàá ní ilẹ̀ tiwa níbí. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ọjọ́ ti ń ṣòfò: wọ́n á ní òògùn ibà kò ṣiṣẹ́, wọ́n á tún ra òmíràn.

Ohun tó kù ni láti mọ bó ṣe le tó. Ẹ gbé aṣọ àyà rẹ̀ sókè nígbà tí kò sunkún, kí ẹ fi aago ka èémí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 1 gbáko. Ọmọ yìí mí ní ìgbà 54. Fún ọmọ oṣù 2 sí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1, tó bá ti tó 50, ó ti yára jù. Fún ọmọ ọdún 1 sí 5, 40 ni ààlà. A jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kí òtútù àyà ti wọlé, ọjọ́ náà gan-an ló gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn. Bó bá tún jẹ́ pé abẹ́ ìhà rẹ̀ ń wọlé nígbà tó ń mí sínú, tàbí tí kò lè mu ọmú mọ́, ọsibítù tó ní afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ni kí wọ́n gbé e lọ tààrà.

Ìgbà tí kò sí dídúró

Ohunkóhun tó bá sú náà, ẹ gbé ọmọ lọ lójú ẹsẹ̀ bí kò bá lè mu omi tàbí ọmú, bó bá ń bì gbogbo ohun tó bá wọ inú rẹ̀, bí gìrì bá mú un, bí ó bá ń sùn tí kò ṣeé jí tàbí tí ó kàn ń wò láìdáhùn, bí èémí rẹ̀ bá yára tàbí ṣòro. Bákan náà ni ti ọmọ tí kò tíì pé oṣù 3 tí ara rẹ̀ gbóná, bí ẹ kò bá tilẹ̀ rí ohun tó sú. Fún èéyi ní pàtàkì, ẹ wo ojú àti ẹnu. Bí ẹyin ojú bá ń ṣú bí ẹni pé ìkùukùu bò ó, tàbí tí egbò jíjìn wà káàkiri ẹnu, ewu ni. Ẹ wo ìgbẹ́ gbuuru pẹ̀lú: ojú tó jìn, òkè àwùjẹ tó wọlé, ìtọ̀ tí kò jáde fún ọ̀pọ̀ wákàtí, gbogbo rẹ̀ ń sọ pé omi ti tán lára ọmọ.

Ohun tí a ń ṣe sí èéyi

Kò sí òògùn tó ń pa kòkòrò èéyi fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n fítámìn A ń dín ikú àti ìfọ́jú kù. Ilé ìwòsàn ló ń fún ọmọ, ẹ̀ẹ̀kan lónìí, ẹ̀ẹ̀kan lọ́la: ẹyọ 50,000 fún ọmọ tí kò tó oṣù 6, 100,000 fún ti oṣù 6 sí 11, 200,000 fún ọmọ ọdún 1 sókè. Bí ojú bá ti ní ìṣòro, wọ́n á tún fún un ní ẹ̀kẹta lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Ẹ má dá a rà fún ọmọ nílé, torí pé àpọ̀jù rẹ̀ ń pani lára. Fún ara gbígbóná, parasitámọ́ọ̀lù ti tó, gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n ọmọ ṣe wí lára ìgò rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lóòjọ́.

Ẹ má fi ohunkóhun sí ojú ọmọ, ìbáà jẹ́ oje ewé, ìbáà jẹ́ ọmú. Omi tó mọ́ àti òògùn ojú tí wọ́n kọ ní ilé ìwòsàn ni kó kan ojú. Mo mọ̀ pé wọ́n ń fi ẹmu wẹ̀ fún ọmọ kí èéyi lè yọ jáde tán, wọ́n sì ń ní kí ó má lọ sí ọsibítù títí á fi yọ tán. Yíyọ rẹ̀ kọ́ ló ń pa ọmọ; òtútù àyà, ìgbẹ́ gbuuru àti ebi tó ń tẹ̀ lé e ni. Nígbà tí dókítà David Morley ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù Wesley Guild ní Iléṣà, tó sì ń tọ́jú àwọn ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé ní àwọn ọdún 1950, ó rí bí èéyi ṣe ń mú kí ọmọ rù fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lẹ́yìn tó ti lọ. Nítorí náà, ẹ má dín oúnjẹ ọmọ kù. Ẹ fún un ní ọmú léraléra, ògì tí ẹ fi ẹ̀pà tàbí wàrà sí, ẹyin, ẹja, kí ẹ sì fi oúnjẹ kan kún un lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán lẹ́yìn tí ara rẹ̀ yá.

Ẹ kò gbọdọ̀ gbàgbé àwọn ọmọ yòókù nínú ilé. Ọmọ tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ èéyi, bó bá gbà á láàárín wákàtí 72 tó kọ́kọ́ fara kan ẹni tó ń ṣe é, ó lè má mú un, tàbí kó mú un fẹ́ẹ́rẹ́. Ní Nàìjíríà, oṣù 9 ni ti àkọ́kọ́, oṣù 15 ni ti ẹ̀kejì, ṣùgbọ́n bí èéyi bá ti wà ní àdúgbò, wọ́n lè fún ọmọ oṣù 6 ní ọ̀kan, kó sì tún gba ti oṣù 9 àti ti oṣù 15 bó ṣe yẹ. Ẹ mú káàdì gbogbo wọn dání lọ.